Bí mo ṣe di ẹrù Úmúrà ọlọ́jọ́ méje láti Ìkòròdú

Báàgì kékeré tí à ń gbé wọnú bàálù ni mo kọ́kọ́ dì, nítorí inú rẹ̀ ni aṣọ ìhúráàmù, aṣọ funfun méjì tí ọkùnrin ń ró, gbọ́dọ̀ wà. Dòhà ni mo gbà lọ sí Jẹ́dà, lójú òfuurufú lèèyàn sì ti ń kọjá mìkáàtì, ààlà tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá láì tíì wọ ìhúráàmù, lójú ọ̀nà yẹn. Àpótí ńlá tí wọ́n bá ti gbà ní Ìkẹjà, ó di Jẹ́dà kéèyàn tó tún fojú kàn án. Ọkùnrin tó bá ki aṣọ méjèèjì sínú rẹ̀ yóò kọjá mìkáàtì pẹ̀lú ṣòkòtò lára, ìtánràn ẹran sì lè já lé e lórí. Mẹ̀dínà ni àwọn mìíràn máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìyẹn kò ní wàhálà, Súlì Húláífà, mìkáàtì ti Mẹ̀dínà, ni wọn yóò ti wọ tiwọn.

Kílò 7 ni tíkẹ́ẹ̀tì mi fún báàgì kékeré. Báàgì onítáyà nìkan lè gba 2.5 nínú rẹ̀, ni mo bá lo aláṣọ tí kò ju 0.7 lọ. Ìhúráàmù onítáwẹ̀lì tó nípọn, 1.8, sálúbàtà, 0.5, ìwé, 0.4, oògùn, 0.5, páwà báńkì àti ṣájà, 0.6; jalàbíà kan àti àwọ̀tẹ́lẹ̀, 0.8. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5.3. Mo gun òṣùwọ̀n lófìfo, mo tún gùn ún pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, mo wá yọ ìṣáájú kúrò nínú ìkejì. Òṣùwọ̀n ilé máa ń parọ́ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi jẹ́ kó kún dé 7.

Páwà báńkì kò gbọ́dọ̀ wọ àpótí ńlá, torí bátìrì rẹ̀ lè gbiná níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní tètè rí i. Abẹ́ ìfárí àti sáàsì ló ń lọ síbẹ̀.

Páásípọ́ọ̀tù mi ṣì ní ju oṣù 6 lọ kó tó kú. Mo tẹ físà, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ àti ìwé hòtẹ́ẹ̀lì jáde ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan nínú báàgì kékeré, ọ̀kan nínú àpótí. Yẹ́lò káàdì ló máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró: abẹ́rẹ́ yírùnyírùn gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 lára kí o tó wọ Saudi, nítorí náà ẹni tó gbà á lánàá kò tíì gbà á lójú tiwọn.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọjọ́ 10 ni mo kó fún ọjọ́ 7, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà. Tiramadọ́ọ̀lù kò ṣeé gbé débẹ̀. Obì náà kò wọ ibẹ̀, bó ti wù kí Alájà bẹ̀ ẹ́ tó pé kí o bá òun fi mẹ́ta sápò.

Kílò 23 ni ti àpótí ńlá, ṣùgbọ́n 13 ni mo gbé lọ: jalàbíà mẹ́ta tí mo ń fọ̀, ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà, bùbá kan. Àlàfo yòókù wà fún dábínù. Omi Sámúsámù kì í wọ àpótí. Lítà 5 inú páálí ni wọ́n ń tà ní pápákọ̀ òfuurufú Jẹ́dà, kí o sì bi iléeṣẹ́ bàálù rẹ léèrè kí o tó sanwó bóyá wọn yóò gbé e lọ́fẹ̀ẹ́.