Àwọn àṣìṣe tó ń ba iye kàpásítọ̀ jẹ́ lójú síkóòpù

Lágéré ni mo ti ń tún anpilífáyà àti rédíò ṣe, nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ pé mo ní ọsilosíkóòpù àgbà kan lórí tábìlì, nítorí náà wọn kì í pẹ́ yà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan wọlé, ó gbé kàpásítọ̀ kékeré kan kalẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo eléyìí. 103 ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, 6.8 nánò-fárádì ló ń jẹ́. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?"

Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ayédèrú kún ọjà, kàpásítọ̀ 6.8 nánò-fárádì sì wà lóòótọ́, 682 ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le gan-an nìyẹn: àṣìṣe rẹ̀ bọ́ sórí iye tó ń bẹ lọ́jà, kò sì sí ohun tó máa fura sí. Ṣùgbọ́n 103 túmọ̀ sí 10 tí òdo mẹ́ta tẹ̀ lé, ìyẹn 10,000 píkò-fárádì, tó jẹ́ 10 nánò-fárádì. Lẹ́tà K tó tẹ̀ lé e sì ní kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Tó bá já sí 9, a gbà. 6.8 kò bá a mu rárá.

Mo ní kó ṣí jọ́tà rẹ̀. Ó to rẹ́sísítọ̀ 470 kílò-óòmù àti kàpásítọ̀ náà tẹ̀ léra wọn. Ó fi ẹ̀rọ ìgbì rán ìgbì onígun mẹ́rin sí i, láti 0 dé 5 fóòtì, ìgbà 20 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ó fi póróòbù síkóòpù kọ́ kàpásítọ̀, bọ́tìnnì ara póróòbù wà ní ×1. Ó wo bí ìlà ṣe ń gùn, ó ka àkókò tó fi dé ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Àkókò yẹn ni táù, 3.2 mílí-sẹ́kọ́ńdì ló bá a dé. Ó wá pín in:

```
τ = R × C
C = τ / R = 3.2 ms / 470 kΩ = 6.8 nF
```

Ìṣirò rẹ̀ dáa. Ohun tó ka lójú síkóòpù náà dáa. R tó fi pín in ni kò dáa.

Ẹ wo ihò tí póróòbù ń wọ̀ lára síkóòpù yín. Lára èyí tó pọ̀ jù, wọ́n kọ 1 MΩ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó ń sọ fún yín pé síkóòpù kì í ṣe ẹni tó kàn dúró wòran: bí ẹ bá ti fi póróòbù kan kàpásítọ̀, ẹ ti so rẹ́sísítọ̀ mílíọ̀nù kan óòmù mọ́ ọn nìyẹn, iná á sì máa gba ibẹ̀ jáde. Ẹ rò ó bí ẹni ń pọn omi sí korobá tó jò. Omi ò ní dé ẹnu korobá, ìsàlẹ̀ ẹnu ni yóò dúró sí. Ó sì máa yára dé ibi tó máa dúró sí yẹn ju bí korobá tó dáa ṣe máa yára kún lọ. Òun ló fà á tí táù fi kúrú. R tí kàpásítọ̀ ń rí kì í ṣe 470 mọ́, 470 àti 1000 tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni:

```
R' = 470 kΩ × 1000 kΩ / 1470 kΩ ≈ 320 kΩ
C  = 3.2 ms / 320 kΩ = 10 nF
```

Kàpásítọ̀ kì í ṣe ayédèrú. Ẹni tó ta á fún un bọ́ lọ́wọ́ èpè.

Ó yẹ kó ti rí i, nítorí àmì rẹ̀ wà lójú síkóòpù. Korobá tó jò kì í kún: ìlà tó yẹ kó dúró sí 5 fóòtì, 3.4 fóòtì ló dúró sí, ìyẹn 1000 nínú 1470 ti márùn-ún. Kí ló dé tí kò rí i? Wọ́n ti kọ́ ọ ní ọgbọ́n kan tí èmi náà fẹ́ràn, pé kó yí bọ́tìnnì tó ń fa ìlà gùn sókè títí ìlà yóò fi kún àpótí 8 láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kó wá ka àkókò tí ìlà fi gun àpótí 5. 5 nínú 8 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá 63, kò sì ní ìnira. Ṣùgbọ́n bó ṣe yí bọ́tìnnì yẹn báyìí, 3.4 ti wọ aṣọ 5, ẹ̀rí sì ti rì. Nítorí náà, ẹ má yí i kí ẹ tó kọ iye fóòtì tí òkè ìlà dúró sí sílẹ̀, kí ẹ sì fi wé ohun tí ẹ̀rọ ìgbì ń gbé jáde. Bọ́tìnnì tó ń fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Ìyẹn, ẹ má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, kó wà níbi tí wọ́n kọ CAL sí. Sókè, ìpín nìkan la nílò, sẹ́gbẹ̀ẹ́, àkókò gan-an là ń kà.

Bí ẹ bá gbé póróòbù sí ×10, jíjò náà dín kù, nítorí ó di mílíọ̀nù mẹ́wàá óòmù. Iye tí ọmọkùnrin yìí ì bá rí á sún mọ́ 9.5. Ó sàn, ṣùgbọ́n ohun tó sàn jù ni kó má lo rẹ́sísítọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe sọ èyí tán, ó ní kí n jẹ́ kí òun lo 100 óòmù. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó lò ó. Táù jáde ní 1.5 máíkírò-sẹ́kọ́ńdì, ó fi 100 pín in, ó rí 15 nánò-fárádì. Èyí tún ń bẹ lọ́jà o, 153! Ẹ̀rọ ìgbì ló ṣe é lọ́tẹ̀ yìí. Òun náà ní ìdènà tirẹ̀ nínú, 50 óòmù ni lára èyí tó pọ̀ jù, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ihò tí ìgbì ń gbà jáde. Iná ní láti kọ́kọ́ gba inú 50 yẹn kí ó tó dé 100, torí náà 150 ló yẹ kó fi pín in. Rẹ́sísítọ̀ ńlá bọ́ sọ́wọ́ síkóòpù, kékeré bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ ìgbì. Fún kàpásítọ̀ bí irú èyí, ẹgbẹ̀rún óòmù mélòó kan ni mo máa ń mú. 4.7 kílò-óòmù la lò níkẹyìn, màá padà síbẹ̀.

Àṣìṣe kejì tí mo máa ń bá nínú jọ́tà wọn ni ìdá 63 tí wọn ò bi ara wọn pé ti kí ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbì kì í bẹ̀rẹ̀ láti òdo, láti −2.5 dé +2.5 ni wọ́n ń lọ. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á mú 2.5, á wá ìdá 63 rẹ̀, á rí 1.58, á sì ka àkókò láti ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn dé 1.58. Ohun tó kà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó táù 1.7. Kàpásítọ̀ 10 di 17 lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìrìn láti ìsàlẹ̀ dé òkè ló yẹ kó mú, ìyẹn 5 fóòtì: ìdá 63 rẹ̀ jẹ́ 3.16, tí a bá kà á láti −2.5, a dé +0.66. Ibẹ̀ ni táù wà.

Ohun kan wà nínú èyí tí mo gbádùn. Kò pọn dandan kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibikíbi tó bá wù yín lórí ìlà, ẹ wo bí ọ̀nà tó kù dé òkè ṣe jìn tó, ẹ wá ibi tí ìlà ti rin ìdá 63 nínú ọ̀nà náà. Àkókò tó gbà jẹ́ táù kan gééré. Nítorí náà, ká ní ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìlà ti gba òdo kọjá, 1.58 rẹ̀ ì bá tọ̀nà. Ó wúlò gan-an tí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà bá ń gbọ̀n.

Àmọ́ gbogbo èyí dúró lórí kí ẹ mọ ibi tí òkè wà lóòótọ́, ibẹ̀ ni ìkánjú ti ń pa wọ́n. Tí ìgbì bá yára jù, kàpásítọ̀ ò ní tíì gbà tán kí ìgbì tó ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀. Ìlà á dà bí ẹ̀gbẹ́ òrùlé, òkè rẹ̀ á mú ṣóńṣó, ẹni tó ń kà á á ro pé ṣóńṣó yẹn ni òkè. Bí àkókò tí ìgbì fi wà lókè bá jẹ́ táù méjì péré, iye tí ẹ máa rí á fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kéré. Tó bá jẹ́ táù kan, ìdajì lẹ máa rí. Ẹ jẹ́ kó tó táù márùn-ún. Ẹ lè ní ẹ ò tíì mọ táù, báwo lẹ ṣe máa mọ márùn-ún? Ẹ máa dín eré ìgbì kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dín in kù tí ìlà ò ga sí i mọ́, tí òkè rẹ̀ sì tẹ́jú bíi tábìlì, ó ti tó. Kí ẹ sì rí i pé síkóòpù wà ní DC. Tó bá wà ní AC tí ìgbì sì ń rọra lọ, òkè tó yẹ kó tẹ́jú á máa dà sílẹ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ òkè gidi.

4.7 kílò-óòmù wá ńkọ́? A fún un ní ìgbì 1000 ní sẹ́kọ́ńdì kan, nítorí náà ó ń wà lókè fún 500 máíkírò-sẹ́kọ́ńdì, ó sì tẹ́jú dáadáa. Àpótí kan jẹ́ 10 máíkírò-sẹ́kọ́ńdì, ìlà sì dé ìdá 63 ní àpótí 4.8. A fi 50 ti ẹ̀rọ ìgbì kún 4.7:

```
C = 48 µs / 4.75 kΩ = 10.1 nF
```

Síkóòpù ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú 1 MΩ rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ 4.75 kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mọ́.

Ó fi bíró pa 6.8 rẹ́. Ó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 10.105 ló gbé jáde. Ṣé kí n kọ gbogbo ẹ̀?"

Mo ní kó padà wo ojú síkóòpù. Ilà kéékèèké tó wà láàárín àpótí kan pín in sí márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 2 máíkírò-sẹ́kọ́ńdì. Nínú 48, ìyẹn jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Rẹ́sísítọ̀ rẹ̀ náà ní ilà aláwọ̀ góòlù lára, tó ní òun lè fi ìdá 5 yàtọ̀ sí iye tí wọ́n kọ, kò sì tíì fi mítà wọ̀n ọ́n.

"Kọ 10," mo ní. "Kó o sì lọ mú mítà wá."