Bí ẹ̀rọ bá ní ọmọ yín kọ́ ló kọ ìwé rẹ̀

Ẹ̀yin ará Kétu tí ọmọ yín ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí yunifásítì, ẹ gbọ́ o. Àbúrò mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀, ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò ní AI ló kọ ọ́. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ̀rọ náà kò mọ ẹni tó kọ̀wé. Bóyá ọ̀rọ̀ tó kàn rọrùn láti méfò ló ń wò, ẹni tó sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé sábà máa ń lo ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó dá a lójú. Ní 2023, àwọn olùwádìí Stanford fi àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, dán ẹ̀rọ 7 wò. Ní ìpíndọ́gba, ẹ̀sùn èké bọ́ sórí ohun tó ju ìdajì àwọn àròkọ náà lọ.

Ẹ má lépa máàkì ẹ̀rọ. Àbúrò mi kọ "ọjà ṣe pàtàkì". Ó tún un kọ, ó sọ bí ìyá wa ṣe ń gbé gàrí lọ sọ́jà Kétu, tí òun sì ń bá wọn ṣírò owó. Ìwé náà dára sí i, àbúrò mi sì lè fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rọ ṣì lè ṣì í mú. Torí náà, ẹ tọ́jú ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ yín kọ kó tó tún un ṣe. Nínú Google Docs, ẹ ṣí "Version history": ọjọ́ àti wákàtí àtúnṣe wà níbẹ̀, òun ni kí ẹ fi han olùkọ́.