Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìgbésẹ̀ mẹ́jọ Kotter ṣe pirẹsẹntéṣọ̀n ní kíláàsì

Ìgbésẹ̀ tí John Kotter là sílẹ̀ fún mímú àyípadà bá iléeṣẹ́ là ń sọ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ṣí sílàìdì mẹ́jọ, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, kẹ́ ẹ wá máa wá ohun tẹ́ ẹ máa rọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ gúrúùpù ti ń pàdánù máàkì. Ẹ jẹ́ ká fi iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM wò ó, lásìkò tí Lou Gerstner di ọ̀gá àgbà níbẹ̀ lóṣù kẹrin 1993.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni pé káwọn èèyàn rí i pé ọ̀rọ̀ ti di kánjúkánjú. Ohun tí gúrúùpù máa ń kọ ni pé IBM pàdánù bílíọ̀nù dọ́là mẹ́jọ lọ́dún 1993, ó tán. Àkọ́kọ́ ná, ọdún yẹn ò bá a mu, torí Gerstner ti débẹ̀ kí àdánù yẹn tó jáde, owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún dídá òṣìṣẹ́ dúró àti àtúntò lábẹ́ ẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá nílẹ̀ ni ti 1992, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù márùn-ún. Ìkejì, àdánù nìkan kì í lé èèyàn dìde, òṣìṣẹ́ lè rí i kó ṣì gbà pé ó máa tó lọ. Ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe tó fi wọ̀ wọ́n lára. Gerstner ní kí àádọ́ta lára àwọn mánéjà àgbà lọ bá kọ́sítọ́mà, ó kéré tán márùn-ún márùn-ún, láàárín oṣù mẹ́ta, kí wọ́n gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ wá. Ìyẹn ló yẹ kó wà lórí sílàìdì.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìran, ìyẹn ibi tí iléeṣẹ́ fẹ́ dé lọ́jọ́ iwájú, ìgbésẹ̀ kẹta. Lóṣù keje 1993 Gerstner sọ fáwọn oníròyìn pé ìran kọ́ lohun tí IBM nílò rárá lásìkò yẹn. Àwọn gúrúùpù kan máa ń fi èyí pa mọ́, wọ́n á lọ wá gbólóhùn aládùn kan lórí ẹ̀rọ ayélujára lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ sọ ọ́ gbangba pé ibí yìí ni kéèsì IBM àti ìlànà Kotter ti kọlu ara wọn, kẹ́ ẹ wá jiyàn lé e: nígbà tó débẹ̀ ètò ti ń lọ láti fọ́ iléeṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, òun ló ní kò ní í fọ́, pé kọ́sítọ́mà ń fẹ́ ẹnì kan táá bá wọn so gbogbo kọ̀ǹpútà wọn pọ̀. Ṣé ìran kọ́ nìyẹn, àbí wọn ò kàn pè é bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ yan apá kan kẹ́ ẹ gbè é lẹ́yìn.

Bákan náà, ẹ má sáré pe èrè 1994 ní àṣeyọrí kékeré tí Kotter ń wí ní ìgbésẹ̀ kẹfà. Ó ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n pète ẹ̀, tójú rí, tó sì so mọ́ àyípadà náà gan-an. Dídá òṣìṣẹ́ dúró sì ti bẹ̀rẹ̀ kí Gerstner tó dé, ẹ béèrè èwo ló mú èrè wá.

Tẹ́ ẹ bá dé ìgbésẹ̀ kẹjọ, "àṣà wọn yí padà" ò tó. Ẹ fi owó hàn wá: bọ́nọ́ọ̀sì àwọn ọ̀gá, tó ti máa ń tẹ̀ lé èrè ẹ̀ka tiwọn nìkan, ló wá so mọ́ èrè gbogbo iléeṣẹ́.