Bí mo ṣe pa ìkànnì fọ́tò mi rẹ́, tí mo fi dòméènì ṣe ìgbẹ̀yìn

Fọ́tò ìgbéyàwó àti ìkómọjáde ló kún inú ìkànnì mi. Nígbà tí mo fi iṣẹ́ fọ́tò sílẹ̀, mi ò rí ìdí tí àwòrán ọmọ ọlọ́mọ yóò fi máa wà níbẹ̀. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sanwó mọ́, á kú fúnra rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe, àmọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ́ kí dòméènì, ìyẹn orúkọ ìkànnì rẹ̀, lọ ti sọ ẹ̀rí nù. Dòméènì yẹn ló ń fi hàn pé ìwọ lo ni ìkànnì, ẹ̀rí yìí sì ni Google àti àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ máa béèrè.

Mo kọ́kọ́ kó ẹrù mi. Mo gba fáìlì XML nínú WordPress, mo sì da fódà `wp-content/uploads` sórí háàdì dísìkì, torí pé XML yẹn kì í gbé fọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wo gbogbo ibi tí mo fi ímeèlì orí dòméènì náà forúkọ sílẹ̀, mo sì yí i padà. Ẹ má fojú kéré èyí o. Ẹni tó bá ra dòméènì yín lọ́la lè dá àdírẹ́sì kan náà sílẹ̀, kó tẹ "mo gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù", kó sì wọ àkáǹtì yín.

Ó wá kan ìkànnì fúnra rẹ̀. Sáfà Apache ni tèmi, nítorí náà mo pa gbogbo ohun tó wà nínú `.htaccess`, fáìlì tó ń darí sáfà, rẹ́, mo sì fi ìlà kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀:

```
Redirect gone /
```

Àbájáde rẹ̀ ni pé ojú ìwé yòówù tí èèyàn bá béèrè, 410 ni sáfà máa dá a lóhùn: ó ti lọ, kò padà mọ́. 404 kàn ń sọ pé òun ò rí i ni. Mo fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò (ẹ fi dòméènì yín rọ́pò ti àpẹẹrẹ):

```
curl -I https://example.com/
```

Ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní 410 nínú. Ohun táwọn kan ń ṣe dípò èyí ni kí wọ́n kọ `Disallow: /` sínú `robots.txt`. Ìyẹn ò dáa rárá. Ńṣe ló ń dí Google lọ́wọ́ láti wọlé wá rí i pé ilé ti ṣófo, àdírẹ́sì àtijọ́ á sì lè máa jáde nínú èsì ìwákiri.

Nínú Search Console, irinṣẹ́ Google fún àwọn tó ni ìkànnì, rẹ́kọ́dù TXT inú DNS, ìyẹn ibi tí ètò dòméènì wà, ni mo fi jẹ́rìí pé èmi ni mo ni dòméènì, torí pé fáìlì ìjẹ́rìí tí wọ́n ń gbé sórí sáfà á di 410 pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo lọ sí Removals, mo ní kí wọ́n yọ gbogbo ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì mi. Kì í pẹ́ tó fi máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ nǹkan bí oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n fi ń gbé e pa mọ́. 410 ló ń mú kó lọ pátápátá, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì fọwọ́ kan họ́sítìn, ìyẹn ààyè tí mo háyà fún ìkànnì náà. Google ti yọ líǹkì ẹ̀dà "Cached" kúrò nínú èsì rẹ̀ lọ́dún 2024. Bing ní irinṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Wayback Machine, ibi tí Internet Archive ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ àwọn ìkànnì sí, kò ní bọ́tìnì tí èèyàn lè tẹ̀ láti yọ tirẹ̀ kúrò. Mo kọ ímeèlì sí info@archive.org láti àdírẹ́sì orí dòméènì mi gan-an: àdírẹ́sì ìkànnì, ìgbà wo sí ìgbà wo ni mo fẹ́ kí wọ́n yọ, àti ìgbà tí ìkànnì wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣàlàyé pé àwòrán àwọn ọmọdé ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ wọn ni ìpinnu wà, èèyàn ò lè fi tipátipá ṣe é. Nígbà tó yá, mo tẹ àdírẹ́sì mi síbẹ̀, wọ́n sì ní wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Fọ́tò tí ẹnì kan ti dà sórí fóònù rẹ̀ ní tiẹ̀, kò sí ẹni tó lè gbà á padà.

Ìgbà tí orúkọ mi ò jáde mọ́ nínú ìwákiri ni mo pa họ́sítìn. Mo pa fáìlì, dátábéèsì àti bákọ́ọ̀pù inú cPanel rẹ́, mo sì kọ̀wé béèrè ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà máa pa bákọ́ọ̀pù tirẹ̀ rẹ́. Mo tún yọ káàdì ATM mi kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Dòméènì nìkan ló kù, owó rẹ̀ sì ni mo ṣì ń san. Bí `.com` bá kọjá ọjọ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó tà á lè fi sílẹ̀ fún yín díẹ̀. Tí wọ́n bá ti pa á rẹ́, 30 ọjọ́ ló kù láti fi owó ńlá rà á padà, lẹ́yìn náà ọjọ́ 5, ó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ nà án mú. Àwọn kan ń ṣọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tọ̀sántòru. Mo yọ rẹ́kọ́dù A tó ń júwe sáfà kúrò, mo sì ní kí ímeèlì tó bá ṣì ń wá máa bọ́ sínú àpótí mi tuntun. Bí ọdún kan bá lọ tí kò sí lẹ́tà gidi kankan tó wọlé, màá jẹ́ kó lọ.