Bí A Ṣe Ń Ṣírò Máàṣì 401(k), Àti Iye Tó Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Dá Owó Kékeré

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ló ní 401(k) níbi iṣẹ́ wọn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́, 403(b) ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni. Wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń yọ nǹkan lára owó iṣẹ́ àwọn pa mọ́ de ìfẹ̀yìntì, wọ́n sì mọ̀ pé agbanisíṣẹ́ ń fi nǹkan kún un, èyí tí gbogbo wa ń pè ní máàṣì. Bí ẹ bá wá bi wọ́n pé èló ni agbanisíṣẹ́ ń fi kún un gan-an, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé, “Wọ́n ń máàṣì 6%.” Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń bọ́.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀. Ẹ mú ìwé owó iṣẹ́ tó dé kẹ́yìn, ẹ mú pẹ́ńsù àti bébà kan, kí ẹ sì ṣí ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù. Mo ní pẹ́ńsù, mi ò ní báírò, torí ẹ máa pa nǹkan rẹ́. Ohun tó kù ni ìwé tó ṣàlàyé ètò ibi iṣẹ́ yín, tí wọ́n ń pè ní Summary Plan Description. Ó sábà máa ń wà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà, lábẹ́ Plan Documents. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ kọ ímeèlì sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ má pè wọ́n lórí fóònù, torí pé ẹ fẹ́ kí èsì wọn wà lákọọ́lẹ̀. Ẹ má sì gbára lé ohun tí ọ̀rẹ́ yín tó ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn bá sọ, ètò ibi iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti yín. Ẹ ò nílò láti sanwó fún ẹnikẹ́ni kó tó bá yín ṣe èyí.

Ẹ kọ́kọ́ wá owó iṣẹ́ ọdún kan. Iye tó wà kí wọ́n tó yọ owó orí ni kí ẹ lò. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń sanwó fún yín, 26 lẹ máa fi sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó ń gbowó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ló ni 24. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọ Eligible Compensation sí nínú ìwé ètò náà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ bóyá òfátáìmù àti bónọ́sì wà lára owó tí wọ́n ń máàṣì. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣe òfátáìmù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tó sì ń ka gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn, lè máa retí owó tí kò ní dé.

Fọ́múlà ló kàn. Ibí ni kí ẹ ti rọra. Nínú ìwé, ọ̀kan tó wọ́pọ̀ rí báyìí:

```
50% of the first 6% of pay
```

Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sì yàtọ̀. 6% kì í ṣe owó tí wọ́n máa fún yín. Ààlà ni: ibi tí ojú agbanisíṣẹ́ máa dé lára owó tí ẹ̀yin fúnra yín dá. 50% ni ohun tó máa fi kún dọ́là kọ̀ọ̀kan tó bá wà láàárín ààlà yẹn. Ẹ kà á sí àjọ kan tí alájọ sọ pé bí ẹ bá dá dọ́là kan, òun á fi àádọ́ta sẹ́ńtì kún un, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti kọjá dọ́là mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún tó ń wọlé fún yín, òun ò ní wo ibẹ̀ mọ́. Ìdajì 6% ni 3%. Nítorí náà, 3% owó iṣẹ́ yín ni gbogbo ohun tó lè ti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ dá 6% kó tó pé.

Mo ti rí àwọn tó mọ apá kìíní tí wọ́n sì ṣìnà ní apá kejì. Wọ́n gbọ́ pé 3% ni agbanisíṣẹ́ ń fún èèyàn, wọ́n wá ní, “Ó dáa, èmi náà á dá 3%, ká jọ dọ́gba.” Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀: ìdajì 3% ni 1.5%. Wọ́n ti fi ìdajì ẹ̀tọ́ wọn sílẹ̀, ọkàn wọn sì balẹ̀ pé gbogbo ẹ̀ ti wọlé.

Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ torí pé ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ máa ń fi òṣìṣẹ́ tuntun sínú ètò náà fúnra wọn, 3% ni wọ́n sì sábà ń fi bẹ̀rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022, tí wọ́n ń pè ní SECURE 2.0, ti sọ ọ́ di dandan fún ọ̀pọ̀ ètò tuntun láti ọdún 2025 pé kí wọ́n máa fi òṣìṣẹ́ sínú rẹ̀ láìdúró dè é, láti 3% sókè. Òṣìṣẹ́ rí nọ́ńbà náà lórí ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀, ó rò pé àwọn àgbà ibi iṣẹ́ ti bá òun yan èyí tó dáa. Wọn ò yan nǹkan kan fún un. Ibi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lásán ni.

Fọ́múlà kejì tó wọ́pọ̀ ní ìpele méjì:

```
100% of the first 3%, plus 50% of the next 2%
```

Ẹ má papọ̀ ṣírò rẹ̀. Ẹ ṣe ìpele kìíní tán kí ẹ tó wá sí èkejì. Ẹni tó bá dá 3% ti gba 3% pérépéré, ṣùgbọ́n 2% tó kù ṣì ní ìdajì tirẹ̀, ìyẹn 1%. Ẹni tó bá dá 5% ló máa rí gbogbo 4% gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Houston, tó ń gba $60,000 lọ́dún, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń lo fọ́múlà àkọ́kọ́, tí ó sì wà lórí 3% tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún un. Ó ń dá $1,800 lọ́dún, agbanisíṣẹ́ ń fi $900 kún un. Bó bá dá 6%, ìyẹn $3,600, agbanisíṣẹ́ máa fi $1,800 kún un. $900 ló ń fi sílẹ̀ lọ́dọọdún. Bó bá jẹ́ fọ́múlà kejì ni, $600 ni ì bá jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ràn Google Sheets ju pẹ́ńsù lọ, ẹ kọ owó ọdún sínú B1, ẹ kọ ìdá tí ẹ ń dá sínú B2 pẹ̀lú àmì %, kí ẹ wá tẹ èyí sínú B3 fún fọ́múlà àkọ́kọ́:

```
=B1*MIN(B2,6%)*50%
```

Ẹ yí B2 padà lẹ́ẹ̀kan sí 6%, iye tó fi pọ̀ sí i ni owó tí ẹ ń fi sílẹ̀. Mo ṣì fẹ́ràn bébà jù, torí ó máa ń jẹ́ kí èèyàn rí ibi tí owó ti wá.

Ẹni tó wà ní Houston náà á ní òun ò lè dá $1,800 míì kún un. Ẹ bá a wo ohun tó máa dín lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Owó 401(k) ti àtijọ́, kì í ṣe Roth tí wọ́n ti ń yọ owó orí rẹ̀ ṣáájú, máa ń jáde kí wọ́n tó ṣírò owó orí ìjọba àpapọ̀. Tó bá wà ní ìpele owó orí 12%, tí Texas kò sì ní owó orí tirẹ̀ lórí owó iṣẹ́, $1,584 ni yóò dín lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $61 lára owó ọ̀sẹ̀ méjì. Tí $900 yẹn bá wà níbi tó ti ń pọ̀ sí i ní 6% lọ́dún, tí $900 míì sì ń wọlé kún un lọ́dọọdún fún ogún ọdún, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $33,100. Èrè 6% kì í ṣe ohun tẹ́nikẹ́ni lè ṣèlérí, ṣùgbọ́n $18,000 tó jẹ́ $900 lọ́nà ogún ò sí lábẹ́ iyèméjì kankan.

Àwọn tó ń dá owó púpọ̀ náà lè pàdánù. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ máa ń ṣírò máàṣì nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá sanwó, kì í ṣe ní ìparí ọdún. Ẹ mú apòògùn kan tó ń gba $120,000 lọ́dún, tí wọ́n ń sanwó fún ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń lo fọ́múlà àkọ́kọ́, tó fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò lóṣù Kejìlá tó bá ń bọ̀ nílé, tó wá ń dá 40% láti oṣù Kíní. Nínú ọdún 2025, $23,500 ni iye tó pọ̀ jù tí ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún lè dá. Ó máa kún nígbà tí wọ́n bá sanwó fún un lẹ́ẹ̀kẹtàlá, nǹkan bí ìparí oṣù Kẹfà. Láti ìgbà yẹn lọ, kò dá nǹkan kan mọ́, agbanisíṣẹ́ náà kò fi nǹkan kan kún un mọ́. $1,800 ló gbà dípò $3,600. Ẹ wá ọ̀rọ̀ true-up nínú ìwé ètò náà. Bó bá wà níbẹ̀, wọ́n á san ìyókù fún un lẹ́yìn ọdún. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó pín ohun tó fẹ́ dá sí 26. Èmi máa ń pín in sí 26 láìka true-up sí.

Ohun kan tún wà tó máa ń mú kí owó ọ̀fẹ́ náà má tíì di ti yín. Ohun tí ẹ̀yin dá ti yín ni láti ọjọ́ kìíní. Máàṣì lè ní iye ọdún tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ kó tó di ti yín, ẹ wò ó lábẹ́ Vesting. Nínú ètò kan, gbogbo rẹ̀ á di ti yín lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Nínú òmíràn, 20% lẹ́yìn ọdún méjì, tó ń gùn títí di ọdún mẹ́fà. Ẹni tó fẹ́ yí iṣẹ́ padà gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ yẹn kó tó kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀.

Ó ku kí ẹ yí ìdá náà padà. Ẹ wọ ìkànnì, ẹ wá Contribution Rate, ẹ kọ 6 síbẹ̀ bó bá jẹ́ fọ́múlà àkọ́kọ́ ni tiyín. Bó bá ni yín lára, ẹ gbé e sókè ní 1% nígbàkigbà tí wọ́n bá fi owó kún owó iṣẹ́ yín, àmọ́ ẹ má dúró lórí 5% kí ẹ máa rò pé ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró de ìwé owó iṣẹ́ méjì. Ti ìkíní lè má tíì yí padà, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ṣe é kí ìyípadà yín tó dé. Nínú ti ìkejì, ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ Employer Match sí, ẹ pín iye tó wà níbẹ̀ sí owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì náà. Fún fọ́múlà àkọ́kọ́, 0.03 ló gbọ́dọ̀ jáde. Bí ohun tó jáde bá kéré sí i, ẹ kọ ímeèlì lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì so ìwé owó iṣẹ́ méjèèjì mọ́ ọn.