Bí mo ṣe gbé fèrèsé lé òrùlé tó dagẹ̀rẹ̀ nínú AutoCAD

Ilé kékeré kan ni mo ń yà ní oníhà mẹ́ta, mo sì fẹ́ fi fèrèsé kan sí ojú òrùlé rẹ̀. Ògiri rẹ̀ ga ní mílímítà 3000. Láti etí òrùlé dé téńté rẹ̀, a ó wọlé ní 4000, a ó sì gòkè ní 2000, ìyẹn ni pé gíga rẹ̀ jẹ́ ìdajì ìwọlé rẹ̀. Fèrèsé náà fẹ̀ ní 800, ó gùn ní 1200, ó sì nípọn ní 100.

Mo kọ́kọ́ yà á bí àpótí lórí ètò ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní World, èyí tí kì í yí padà, tí ibi ìpìlẹ̀ rẹ̀, 0,0,0, sì wà ní igun ilé nílẹ̀. Igun àkọ́kọ́ bọ́ sórí òrùlé gan-an, ṣùgbọ́n àpótí náà tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì. Kó tó gùn dé 1200, òrùlé ti gòkè ní 600, ẹ̀yìn àpótí sì ti rì sábẹ́ páànù. Àṣẹ BOX máa ń to ẹ̀gbẹ́ àpótí mọ́ ìlà X, Y àti Z tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò náà, kì í wo ohun tí a fẹ́ gbé e lé.

Nítorí náà, mo gbé ètò ìwọ̀n tèmi, UCS, ka orí òrùlé. Mo tẹ `UCS`, mo sì tẹ igun mẹ́ta lójú àwòrán: igun etí òrùlé lápá ọ̀tún fún ibi ìpìlẹ̀, igun apá òsì fún X, àti téńté fún Y. Àṣìṣe nìyẹn. Nítorí pé X dojú kọ òsì, Z kọjú sínú ilé, fèrèsé sì tún rì. (Ẹni tó bá wo àmì UCS dáadáa kí ó tó yàwòrán kò ní jìyà yìí, èmi kò wò ó.) Mo tún un ṣe láti igun òsì sí ọ̀tún, Z sì yọ síta. Lẹ́yìn náà:

```
BOX
2000,1000,0
@800,1200
100
```

Níbí, 1000 jẹ́ ìwọ̀n tí a wọ̀n lójú òrùlé fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí káfíńtà ṣe máa na téèpù rẹ̀, kò sí ìṣirò dígírì kankan.

Láti mọ̀ bóyá ó jókòó dáadáa, mo tẹ `UCS`, mo yan `World`, mo sì fi àṣẹ `ID` tẹ igun ìsàlẹ̀ fèrèsé náà. Ó fún mi ní X 2000, Y 894.43 àti Z 3447.21. Bí a bá yọ gíga ògiri kúrò nínú Z, yóò ku 447.21, ìdajì 894.43 gẹ́lẹ́ bí òrùlé náà ṣe dagẹ̀rẹ̀. Pípadà sí World yìí tún gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe mìíràn, torí pé ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ yà tẹ̀ lé e, orí òrùlé ni ìbá sì bọ́ sí.