Ẹ má fi ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ yin ọ̀gá: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìkéde ọjà ìsanwó tuntun

Akọ̀ròyìn tó ń kọ nípa owó àti ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í ka ìkéde tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i tán kó tó pinnu ohun tó máa fi ṣe. Orí fóònù ló ti sábà máa ń kọ́kọ́ rí i, láàárín ọ̀pọ̀ ìkéde mìíràn tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Àkọlé ímeèlì àti ìlà kan tàbí méjì péré ló ń hàn sí i. Bí ìlà wọ̀nyẹn kò bá sọ ohun tó lè di ìròyìn, á ti fọwọ́ gbá a kọjá. Nítorí náà, ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nìkan la máa wò níbí, nítorí ibẹ̀ ni àwa tá à ń kọ irú ìkéde yìí ti sábà ń ba iṣẹ́ ara wa jẹ́.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Mo pe ilé-iṣẹ́ náà ní Lágbájá, mo sì pe ọjà rẹ̀ ní Tàmẹ̀dò, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí yóò mọ ohùn rẹ̀:

"Inú Lágbájá, ilé-iṣẹ́ tó léwájú nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣúná, dùn gidigidi láti kéde Tàmẹ̀dò, ọ̀nà àbáyọ ìgbàlódé tí kò lẹ́gbẹ́, tí yóò mú kí ìsanwó yá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó rọrùn, kó sì ní ààbò tó dájú fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, gẹ́gẹ́ bí ara akitiyan wa láti mú gbogbo ènìyàn wọ inú ètò ìṣúná."

Ẹ yọ orúkọ Lágbájá àti Tàmẹ̀dò kúrò, kí ẹ fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ẹ jọ ń du ọjà síbẹ̀. Gbólóhùn náà kò yẹ̀ rárá. Ìyẹn ni pé kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti ọjà yìí gan-an. A kò mọ̀ bóyá káàdì ni, bóyá áàpù ni, bóyá ẹ̀rọ kan ni. A kò mọ ẹni tó ń sanwó àti ẹni tó ń gbà á.

"Inú wa dùn" kì í ṣe ìròyìn, torí ta ni inú rẹ̀ kì í dùn sí ọjà tó ṣe fúnra rẹ̀? "Tó léwájú" náà rèé, akọ̀ròyìn kò lè gbé e sínú ìwé ìròyìn láìbéèrè ẹ̀rí, nítorí náà fífò ló máa fò ó. Ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti pọndandan, ìpínrọ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá tó ń sọ ìtàn ilé-iṣẹ́ wà fún un.

Èyí tó burú jù ni "ọ̀nà àbáyọ". Ọ̀rọ̀ yìí ni à ń sá sí bí a kò bá tíì bi àwọn tó ṣe ọjà náà léèrè dáadáa. Ẹ jókòó tì wọ́n kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ẹ béèrè pé: kí ni oníṣòwò máa tẹ̀? Kí ni oníbàárà máa ṣe? Níbo ni owó ti kúrò, ibo ló ń lọ, ìgbà wo ló ń débẹ̀, ta ni wọ́n sì ń gé owó lọ́wọ́ rẹ̀? Ká ní ìdáhùn wọn lórí Tàmẹ̀dò rí báyìí: oníṣòwò á tẹ iye owó sínú áàpù lórí fóònù Android rẹ̀, oníbàárà á fi káàdì kan ẹ̀yìn fóònù náà, ó parí. Kò sí pé à ń ra ẹ̀rọ POS. Wọ́n ń gé ìdá 1 nínú 100 lọ́wọ́ oníṣòwò. Owó ń wọ àkáǹtì rẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Báńkì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ni ìwé àṣẹ. Ìròyìn ti wà níbí, kó kúrò lẹ́nu wọn bọ́ sórí ìwé ló kù.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo "lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀" tó wà nínú àpẹẹrẹ wa, nítorí òun ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tá à ń lò fún ìsanwó. Nígbà tí oníbàárà bá fi káàdì kan ẹ̀rọ tí ẹ̀rọ sì sọ pé ó ti wọlé, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn ni pé báńkì oníbàárà dáhùn pé owó wà níbẹ̀ àti pé òun ti dì í mú. Owó gan-an kò tíì kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa kó ìsanwó ọjọ́ náà pọ̀, tí àwọn báńkì á ṣírò ohun tí oníkálukú jẹ ara wọn, tí owó á sì wá dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò. Ó sábà máa ń gba ọjọ́ iṣẹ́ kan tàbí méjì, bí òpin ọ̀sẹ̀ bá sì bọ́ sáàárín, ó tún lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, òótọ́ ni "lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀" fún oníbàárà tó ti gbé ọjà rẹ̀ lọ, kì í ṣe òótọ́ fún ẹni tó ń retí owó. Bí ẹ bá kọ ọ́ láìsọ ti ta ni, akọ̀ròyìn tí kò ráyè á kọ ọ́ pé "àwọn oníṣòwò á máa gba owó wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀". Ẹni tó tà lọ́jọ́ Ẹtì tí kò rówó títí ọjọ́ Ajé ló máa kọ́kọ́ pariwo. Akọ̀ròyìn náà á ní láti tún ìròyìn rẹ̀ ṣe, kò sì ní gbàgbé ẹni tó tì í síbẹ̀. Akọ̀ròyìn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa pàápàá á béèrè irú èyí tó jẹ́, nítorí ètò wà tí owó ti ń dé àkáǹtì ẹni tó ń gbà á láàárín ìṣẹ́jú àáyá, lọ́sàn-án, lóru, títí kan ọjọ́ ìsinmi. Pix tí báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Brazil gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 jẹ́ ọ̀kan, UPI ti ilẹ̀ India náà jẹ́ ọ̀kan. Bí tiyín kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má yá ọ̀rọ̀ wọn lò. Ẹ kọ ọjọ́ tí owó ń wọlé, ó tán.

"Ọ̀fẹ́" ní irú àléébù kan náà. Ní ìsanwó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Bí oníbàárà kò bá san, oníṣòwò ló ń san. Ẹ dárúkọ ẹni tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó ń sanwó nínú ìpínrọ̀ kan náà. Bí ẹ bá fi èkejì pa mọ́ sí ìsàlẹ̀, akọ̀ròyìn á rí i, ohun tó sì máa fi ṣe àkọlé ìròyìn rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ "báńkì" ń fẹ́ ìṣọ́ra ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, torí òfin wà lórí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Chime ní Amẹ́ríkà bá àwọn aláṣẹ ìṣúná ìpínlẹ̀ California ṣe àdéhùn pé òun kò ní máa fi ọ̀rọ̀ náà pe ara òun mọ́, nítorí pé kì í ṣe báńkì, àwọn báńkì mìíràn ló ń bá a tọ́jú owó àwọn oníbàárà. Bí ìwé àṣẹ bá jẹ́ ti báńkì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ dárúkọ báńkì náà, ó pẹ́ tán nínú ìpínrọ̀ kejì. Ẹ má sì pe áàpù yín ní báńkì tuntun nítorí pé ó dùn létí.

Àṣìṣe kan tún wà tí kì í hàn sí ẹni tó ń kọ ọ́: à ń kéde, a kò sọ bóyá ohun náà ti wà. "A ń fi Tàmẹ̀dò lọ́lẹ̀" lè túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni lè lò ó lónìí. Ó lè túmọ̀ sí pé àwọn díẹ̀ ń dán an wò, tàbí pé ẹ ń gba orúkọ sílẹ̀. Apple kéde Apple Pay lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá kí àwọn ènìyàn tó lè fi sanwó. Ìyẹn ṣì dára, ó dé. Fesibúùkù kéde owó Libra ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Diem, wọ́n sì ta ohun tó kù níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ra nǹkan kan rí. Láti ìgbà náà, mi ò rí akọ̀ròyìn ìsanwó kan bá wí bó bá kọ́kọ́ béèrè pé "ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?" Ẹ dáhùn kó tó béèrè, ọjọ́ àti oṣù ni kí ẹ sì fi dáhùn. Ẹ má kọ "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀", torí ẹ kò mọ ọjọ́ tó máa ṣí ímeèlì náà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá àgbà kò ní iṣẹ́ kankan nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀gá lè bínú. Ìpínrọ̀ kẹta ń dúró dè é.

Bí a bá tún ti Lágbájá kọ, ó lè rí báyìí:

"Láti ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, oníṣòwò tó ní fóònù Android tó lè ka káàdì yóò lè fi fóònù náà gba owó lọ́wọ́ oníbàárà láìní ẹ̀rọ POS. Ilé-iṣẹ́ Lágbájá ló ṣe áàpù náà, Tàmẹ̀dò. Yóò máa gé ìdá 1 nínú 100 lọ́wọ́ oníṣòwò lórí ìsanwó kọ̀ọ̀kan, owó yóò sì máa wọ àkáǹtì rẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e."

Ẹ rí i pé ọjọ́ àti ẹni tí ọjà wà fún ló ṣáájú, orúkọ ilé-iṣẹ́ tẹ̀ lé e. Bí ilé-iṣẹ́ bá lókìkí débi pé orúkọ rẹ̀ nìkan tó ìròyìn, ẹ lè gbé e ṣáájú. Ọ̀pọ̀ wa kò tíì débẹ̀. "Tó lè ka káàdì" tún wà níbẹ̀ nítorí kì í ṣe gbogbo fóònù Android ló lè ṣe é. Ẹni tó ṣe ọjà lè ní kí ẹ yọ ọ́, pé ó ń dín ọjà kù. Ẹ má yọ ọ́, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn tí fóònù wọn kò ṣe é máa pe akọ̀ròyìn náà. "Ààbò tó dájú" ti lọ, torí a kò ní ohun kan pàtó láti sọ nípa rẹ̀. "Gbogbo ènìyàn" náà ti lọ.

Ohun tó kù kéré, ṣùgbọ́n ó ti pa ọ̀pọ̀ ìkéde. Ìlà tó ń hàn lábẹ́ àkọlé ímeèlì lórí fóònù, inú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó wà nínú ímeèlì náà ni fóònù ti ń mú un. Bí ẹ bá fi "Fún ìgbéjáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀", nọ́ńbà ìkéde àti àdírẹ́sì ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀, àwọn ló máa hàn, ìpínrọ̀ tí ẹ ṣe wàhálà lé lórí á fara pa mọ́ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá sì fi gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì tí ẹ so mọ́ ọn, kò sí ohun tó máa hàn rárá. Ẹ lẹ ìpínrọ̀ náà mọ́ òkè pátápátá, kí ẹ fi ímeèlì náà ránṣẹ́ sí fóònù ara yín, kí ẹ sì wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti gé kúrò. Bí ó bá gé kó tó dé "gba owó", ẹ tún gbólóhùn àkọ́kọ́ kọ kó kúrú sí i.